Àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi ni pátákó ìkọ̀wé wa

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 82 ni bàbá mi. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ojú wọn ti fọ́, etí wọn náà sì ti di báyìí, bí a tilẹ̀ pariwo sí i, wọn ò gbọ́. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ dáadáa, àwa la ò lè dá wọn lóhùn. Bí a bá fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n á ta gìrì. Kí la lè ṣe?"

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà yẹ etí náà wò, nítorí ìdọ̀tí etí tó dì lásán máa ń dí àgbàlagbà létí. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ìbéèrè mi ni pé, ṣé bàbá mọ̀wé kà kí ojú wọn tó lọ? Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ti fúyẹ́. Tíṣà ni ìyá mi. Gùlàkómà ló gba ojú wọn, etí tẹ̀ lé e, ọdún mẹ́rin ni mo sì fi kọ̀wé sí wọn lọ́wọ́.

Gìrì tí bàbá ń ta yẹn, àìrí ọwọ́ yín kó tó dé ara wọn ló fà á. Ẹ má gún wọn níka, ẹ má sì já ọwọ́ wọn gbà. Ẹ gbé ọwọ́ lé èjìká wọn jẹ́ẹ́, kó dúró síbẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fà á wálẹ̀ ní apá títí yóò fi bọ́ sábẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹ wá fún wọn ní ohun tí wọn ó fi mọ ẹni tó dé. Aago ọwọ́ mi ni ìyá mi máa ń fọwọ́ bà. Irùngbọ̀n ni wọ́n fi ń mọ ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tó sì fá a, wọ́n ní kí àlejò náà jókòó.

Tó bá di ìwé kíkọ, ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Bí ẹ bá kọjú sí wọn, lẹ́tà á dorí kodò. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn, kí ẹ fi ìka ìlábẹ̀ kọ lẹ́tà ńlá kọ̀ọ̀kan kó gba àtẹ́lẹwọ́ tán, kí èyí tó tẹ̀ lé e gun orí èyí tó ṣáájú, ojú kan náà. Ẹ má tò ó lọ sí ọ̀nà ìka bí ẹni ń kọ̀wé sórí ìlà. Kí bàbá pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síta, kí ẹ lè mọ̀ pé ó wọlé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá parí, ẹ tẹ àtẹ́lẹwọ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ṣìṣe, ẹ nù ún bí a ṣe ń nu pátákó. Ìyá mi máa ń já ọ̀rọ̀ gbà kí n tó kọ ọ́ dé ìdajì. Màá gbá ọwọ́ wọn pẹ́pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n bá gbà á, màá nù ún bí wọn ò bá gbà á. D àti P ló ń yọ wá lẹ́nu jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ikùn D kan ilẹ̀.

Àmì ohùn ni ìjọ̀ngbọ̀n gan-an. Lọ́jọ́ kan tí a fẹ́ lọ sílé ìwòsàn, mo kọ "ỌKỌ TI DE". Ọkọ̀ ni mo ní lọ́kàn. Ìyá mi dìde, wọ́n tún ìró ró, wọ́n fọwọ́ tún gèlè ṣe, wọ́n ní, "Níbo ló wà?" Bàbá mi ti kú ní ọdún méje ṣáájú ìgbà yẹn. Láti ọjọ́ náà, bí ohùn bá lọ sílẹ̀, màá fa ìka kan wálẹ̀ lórí ọrùn ọwọ́ wọn. Bó bá lọ sókè, màá fà á gòkè. Ti àárín kò gba nǹkan kan. Fún Ọ, Ẹ àti Ṣ, màá ta ìka kan sí ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni mò ń ṣe é fún o, kìkì èyí tó lè ṣini lọ́nà. Mo sì kọ́ láti kọ "MỌTO".

Ẹ má dákẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí, aládùúgbò ló wá sọ fún mi pé ìyá ń bá àga òfìfo sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn owó ilé. Ẹ kọ "MO N LỌ", kí ẹ sì fi ọwọ́ wọn lé apá àga tàbí ògiri, kí wọ́n má wà láàárín òfuurufú. Tí ẹ bá ń rìn, kí wọ́n di ìgbọ̀nwọ́ yín mú láti ẹ̀yìn díẹ̀. Ẹ má tì wọ́n síwájú. Ẹ tún bá wọn ṣe àdéhùn pé bí a bá fa X ńlá sí wọn lẹ́yìn, ewu ni, kí wọ́n tẹ̀ lé wa láìbéèrè. Ẹ̀ẹ̀kan péré la lò ó, nígbà tí iná jó nílé ìdáná.

Ó ń rẹ ẹni tó ń kọ ọ́ àti ẹni tí a ń kọ ọ́ sí lọ́wọ́. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20, ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi lẹ́tà tó rọrùn pè, a ó sì sinmi. Bí àtẹ́lẹwọ́ bàbá bá ti le nítorí iṣẹ́ oko, tàbí tí ìtọ̀ ṣúgà ti mú kó kú tipiri, ẹ dán inú apá wò, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́.

Bí wọn ò bá mọ̀wé, lẹ́tà ò wúlò, ohun èlò ni ẹ ó máa lò. Ẹ fi kànhìnkànhìn lé wọn lọ́wọ́ kí ẹ tó mú wọn lọ wẹ̀, ṣíbí kí oúnjẹ tó dé, fìlà bí ẹ bá ń jáde. Ohun kan náà ni kó jẹ́ lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé. Ẹ sọ èyí tí ó jẹ́, ká mọ ibi tí a ó ti máa bá a lọ.