Alága ẹgbẹ́ kò san ìyókù owó mi

“Mo bá ẹgbẹ́ kan ya àwòrán ìwé ìpè Ojúde Ọba, mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn, alága ò san ìyókù owó mi. Kí ni kí n kọ?”

Kọ ọ́ báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. ₦120,000 la jọ fohùn sí, ẹ san ₦50,000. Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ 16, ẹ sì fèsì pé ‘ó dára gan-an’. ₦70,000 ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san án kó tó di ọjọ́ Ẹtì.”

“Ó dára gan-an” yẹn ni ẹ̀rí rẹ, ya àwòrán rẹ̀ lójú fóònù, kí o fi kún ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ lábùkù, ní kí wọ́n tọ́ka sí i.

Má gbé ọ̀rọ̀ náà sí gbangba o. Mo ṣe é rí n'Íjẹ̀bú-Òde, ìjà ló bí, owó ò wọlé. Bí o bá tún gba iṣẹ́ mìíràn, àwòrán tí o kọ orúkọ rẹ dábùú lórí rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fi hàn wọ́n.