Kébù mítà 35 àbí pawaláìnì fún tẹlifíṣọ̀n yàrá ẹ̀yìn? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Pálọ̀ ni rọ́tà wa wà, yàrá bàbá wa wà lẹ́yìn ilé, Wáífáì ò débẹ̀ dáadáa, tẹlifíṣọ̀n wọn kàn máa ń yí róbótó ni. Mo fẹ́ fa kébù, bíi mítà 35, ẹni tó ń tà á wá ní ó ti gùn jù, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ti rẹ̀ kó tó dé yàrá, pé kí n kúkú ra adápítọ̀ pawaláìnì, èyí tó ń fi wáyà iná ilé gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí wọ́n kọ 1000 sí lára. Ṣé kí n rà á? Tánkẹ̀ la wà.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì rà á. Mítà 35 ò gùn rárá. Kébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dáa, èyí tí wọ́n kọ Cat5e tàbí Cat6 sí lára, mítà 100 ni wọ́n ṣe é fún láti orí kan dé èkejì, kì í sì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi Wáífáì tó ń gba inú búlọ́ọ̀kù kọjá. Ohun tó bá wọlé ní pálọ̀ ló máa jáde ní yàrá bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú nítorí wọ́n ń bi mí ṣáá, àwọn tó ń dá èèyàn lẹ́rù sì ni wọ́n fẹ́ ta ọjà tó wọ́n ju kébù lọ.

Kó o tó náwó kankan ṣá o, gbé fóònù ẹ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́tà kó o fi wo fídíò. Tó bá ń yí níbẹ̀ náà, a jẹ́ pé dátà tó ń wọlé ló kéré, kébù ò lè fi kún un, pawaláìnì ò lè fi kún un.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ "kébù gígùn ń rẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì" ti wá. Lóòótọ́ làwọn èèyàn ti fa kébù gígùn tí ò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà gígùn kọ́ ló bà á jẹ́, orí tí wọ́n fi sí i ni. Wáyà mẹ́jọ ló wà nínú kébù yẹn, méjì-méjì ni wọ́n lọ́ wọn mọ́ra, wọn ò sì lọ́ wọn fún ẹwà. Àwọn méjì tó lọ́ mọ́ra yẹn ń gbé ìsọfúnni kan náà, ìkan ní òdìkejì ìkejì, tí ìdààmú iná bá wá kàn wọ́n lójú ọ̀nà (ariwo la máa ń pè é) á kan méjèèjì bákan náà, ẹ̀rọ tó wà lápá ibi tó ń lọ á sì lè yọ ọ́ dànù.

Tẹlifíṣọ̀n tó pọ̀ jù, mẹ́gàbíìtì 100 ni ojú kébù wọn lè gbà, wáyà mẹ́rin péré nìyẹn sì ń lò: ipò 1, 2, 3 àti 6. Ipò 1 àti 2 gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì tó lọ́ mọ́ra, 3 àti 6 náà gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì tó lọ́ mọ́ra. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í. Ẹni tí ò mọ̀ á kàn to àwọ̀ ní méjì-méjì bó ṣe bọ́ ọ síta, ọ́rẹ́ńjì, gíríìnì, búlúù, búráwùn, á ṣe bákan náà lápá kejì, á fi tẹ́sítà sí i, iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á tàn, ó gbowó ó lọ. Àmọ́ 3 ti bọ́ sára gíríìnì, 6 bọ́ sára búlúù, wọn ò lọ́ mọ́ra mọ́. Tẹ́sítà kékeré yẹn ò lè rí i, torí bóyá wáyà dé òdìkejì nìkan ló ń wò. Tí kébù bá jẹ́ mítà méjì ó lè ṣiṣẹ́ kó má fi nǹkan kan hàn, tó bá wá di ọgbọ̀n mítà ariwo á bo ìsọfúnni mọ́lẹ̀, ni wọ́n á bá ní gígùn ni.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn nílé kan ní Gáà Akanbí. Wọ́n ti fẹ́ ju kébù náà nù. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ pé òun ti kàn, YouTube á ṣí, tí fídíò bá rìn díẹ̀ á dúró. Mo ki kébù bọ láptọ́ọ̀pù, mo wo Settings > Network & internet > Ethernet, ìlà Link speed ń kọ 10/10, bẹ́ẹ̀ rọ́tà wọn lè gbé 100. Mo gé orí méjèèjì, mo tò ó ní T568B: funfun-ọ́rẹ́ńjì, ọ́rẹ́ńjì, funfun-gíríìnì, búlúù, funfun-búlúù, gíríìnì, funfun-búráwùn, búráwùn, ìyẹn láti ọwọ́ òsì, tí ahọ́n orí náà bá kọjú sílẹ̀. Kébù kan náà, gígùn kan náà, ó kọ 100/100, fídíò ò dúró mọ́. 4K ti Netflix gan-an, mẹ́gàbíìtì 15 ni wọ́n ní ó fẹ́, nítorí náà 100 yẹn tó bàbá, ó ṣẹ́kù.

Nígbà tí wọ́n bá fi orí sí tìrẹ tán, pa Wáífáì láptọ́ọ̀pù, ki kébù bọ̀ ọ́, ṣí Command Prompt, kó o tẹ èyí síbẹ̀:

```
ping -n 100 192.168.1.1
```

Nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn ni ti rọ́tà, wo abẹ́ rọ́tà yín, ó lè jẹ́ 192.168.0.1. Tó bá parí á kọ Lost sísàlẹ̀, 0 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tí ò bá jẹ́ 0, orí kébù tàbí kébù fúnra ẹ̀ ni, má sanwó iṣẹ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe.

Kébù tó ò ń rà náà, la ojú ẹ dáadáa. Tí wọ́n bá kọ CCA sí i lára, alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, ó fúyẹ́, ó sì ń tètè ṣẹ́ lórí. Fi bíléèdì ha wáyà kan, tí inú ẹ̀ bá funfun bíi fàdákà, dá a padà fún wọn. Orí sílìn ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ wáyà iná nínú páìpù kan náà, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàrin wọn, níbi tí wọ́n bá sì ti pàdé kí ó dábùú rẹ̀ kọjá. Ẹ fi páìpù tirẹ̀ bò ó nítorí eku. Inú ilé kan náà ni mò ń sọ o, mi ò ní kẹ́ ẹ fà á gba ìta lọ sí bọ́ọ́sì kọ́tà, àrá lè gba ibẹ̀ wọlé ba ohun tó wà lápá méjèèjì jẹ́.

Pawaláìnì wá ńkọ́? Kì í ṣe jìbìtì, ó ń ṣiṣẹ́. Wáyà iná tó wà nínú ògiri ló máa ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbà, adápítọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́tà, èkejì lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. 1000 tí wọ́n kọ sí i yẹn, o ò lè rí i nílé, ohun tó máa dé yàrá á kéré sí i púpọ̀, iye tó máa jẹ́ dọwọ́ wáyà ilé yín. Ìdí tí mo fi ń ṣọ́ra nípa ẹ̀ ni bí a ṣe ń lo iná níbí. Tó bá jẹ́ fésì mẹ́ta ló wọlé yín, pálọ̀ lè wà lórí ìkan kí yàrá bàbá wà lórí òmíràn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ṣòro láti sọdá. Kódà bí wọ́n bá wà lórí ìkan náà lónìí, tí iná fésì yẹn bá lọ sílẹ̀ lálẹ́ tí ẹ yí pálọ̀ sí òmíràn, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Tí rọ́tà bá wà lórí ínfátà tí tẹlifíṣọ̀n ò sí níbẹ̀, ó lè má dé rárá, tí Nẹ́pà bá sì mú iná, adápítọ̀ tó wà níta ínfátà á kú. Kébù ò nílò iná kankan láàrin.

Tó bá jẹ́ ilé àyágbé tí lánlọ́ọ̀dù ò jẹ́ kẹ́ ẹ lu ògiri, mo gbà kẹ́ ẹ dán pawaláìnì wò. Ara ògiri tààrà ni kẹ́ ẹ ti kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ara ẹ̀kísténṣọ̀n tàbí stabiláísà, torí àwọn yẹn lè gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì mì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ fésì tí yàrá kọ̀ọ̀kan wà, ẹ pe oníná, ẹ má fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù fúnra yín, mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bá ẹni tó ń tà á sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, pé tí ò bá ṣiṣẹ́ láàrin pálọ̀ àti yàrá bàbá, ẹ máa dá a padà. Tó bá kọ̀, ẹ fi ọjà ẹ̀ sílẹ̀ fún un.