Amọ́kísísílíìnì tàbí dọ́kísísáíkílíìnì fún òtútù àyà?

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun. Ọmọ ọdún 31 ni mí, mi ò ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀. Dókítà ní òtútù àyà ni, kí n máa gba ìtọ́jú nílé. Ó kọ amọ́kísísílíìnì fún mi, àmọ́ ẹni tó ń ta òògùn ní dọ́kísísáíkílíìnì ló lágbára jù. Èwo ni kí n lò?"

Àbúrò mi, èyí tí dókítà kọ ni kí o lò, bí òògùn ìdílé pẹnisílíìnì kò bá ṣe ara rẹ lódì rí. Ṣùgbọ́n kí o tó gbé e mì, wo iye tó kọ sínú ìwé, kí o sì wo iye tí wọ́n kọ sára páálí òògùn. Ibẹ̀ ni èmi ti fara gbá.

Ìgbà ọyẹ́ ni, ní Ìbàdàn níbí, mo jẹ́ ọmọ ọdún 36. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni òtútù ṣàdéédé mú mi, tí eyín mi ń lu ara wọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, bí mo bá ti mí kanlẹ̀ báyìí, ìhà ọ̀tún mi á gún mi bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí mò ń tu jáde sì dà bí irin tó ti dípẹtà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò sí ibà níbẹ̀. Àwòrán àyà ló fi hàn pé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró mi ọ̀tún ti funfun. Dókítà kọ amọ́kísísílíìnì gíráàmù kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Kápúsù 500 mílígíráàmù ni ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní, èyí túmọ̀ sí pé méjì-méjì ló yẹ kí n máa gbé mì, mẹ́fà lójúmọ́. Ọmọ tó tà á fún mi fi bírò kọ ọ́ sára páálí pé kí n lo ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́. Bó ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe lò ó.

Ní ọjọ́ kẹta, ara mi ṣì gbóná tó 39.1. Ọkọ mi ti ní ká lọ ra dọ́kísísáíkílíìnì kún un. Mo dúpẹ́ pé a kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní kí n mú páálí wá, ó tú àwọn kápúsù náà sórí tábìlì, ó kà wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta òògùn tó kọ ni mo ti ń lò. Ó ka èémí mi, 24 ní ìṣẹ́jú kan. Ìfúnpá mi dára, ọpọlọ mi sì jí pépé. Kò pààrọ̀ òògùn. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ márùn-ún náà látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tó pé, àti pé aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjì ọ̀sán àti aago mẹ́wàá alẹ́ ni kí n máa lò ó. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo làágùn tí aṣọ mi rin, ara mi sì tutù.

Ìdí tí aago fi ṣe pàtàkì ni pé amọ́kísísílíìnì kì í pẹ́ lára. Láàárín wákàtí díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ti bá ìtọ̀ jáde. Ohun tó ń pa kòkòrò náà ni pé kí òògùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà tó gùn tó, kì í ṣe kí o lò ó lẹ́ẹ̀kan náà rẹpẹtẹ. Ìlànà tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2019 sọ pé gíráàmù kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni. Ti Ìlú Ọba sọ pé 500 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mẹta fún òtútù àyà tí kò le. Nítorí náà, bí dókítà rẹ bá kọ 500 lẹ́ẹ̀mẹta, kò ṣàṣìṣe. Àmọ́ 500 lẹ́ẹ̀mejì kò sí nínú èyíkéyìí nínú ìlànà méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta òògùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Amọ́kísísílíìnì ń ba ògiri ara kòkòrò jẹ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò tó ń fa òtútù àyà, maikopilásímà, kò sì ní ògiri rárá. Dọ́kísísáíkílíìnì ń ràn án. Ti maikopilásímà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú orí fífọ́ àti ikọ́ gbígbẹ, ó sì lè ti ọ̀dọ̀ ọmọ ilé ìwé wọlé kó mú gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n dókítà kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n yàtọ̀ dájú. Èyí tó ń yára pa èèyàn ni nimokọ́kọ́sì, òun ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ dojú kọ. Ní ibi púpọ̀ láyé, nimokọ́kọ́sì ti mọ bí a ṣe ń sá fún àwọn òògùn ìdílé tẹtirasáíkílíìnì, ìdílé tí dọ́kísísáíkílíìnì ti wá. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń lo tẹtirasáíkílíìnì nílùú yìí, bí inú bá ti ń run èèyàn báyìí.

Ẹni tí dọ́kísísáíkílíìnì tọ́ sí ni àbúrò mi ọkùnrin. Pẹnisílíìnì ti mú kí ara rẹ̀ lé, kí ètè rẹ̀ sì wú rí. Nígbà tí òtútù àyà mú un, 100 mílígíráàmù ni wọ́n kọ fún un, láàárọ̀ àti lálẹ́. Lálẹ́ kan, ó fi omi ẹnu kan gbé e mì, ó sì sùn. Ní ọjọ́ kejì, itọ́ pàápàá ń dùn ún láti gbé mì, ẹ̀yìn egungun àyà rẹ̀ ń ta á bí iná. A rò pé òtútù àyà náà ló ń le sí i. Kápúsù ló dúró sí ọ̀nà ọ̀fun tó sì bó o. Dókítà ní láti yí òògùn padà. Ife omi tó kún ni kí a fi lò ó, kí a sì jókòó tàbí kí a dúró fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àbúrò mi ọkùnrin náà tún ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ onírin àti òògùn funfun ti ọgbẹ́ inú pọ̀ mọ́ ọn. Irin àti òògùn ọgbẹ́ inú máa ń dì mọ́ dọ́kísísáíkílíìnì nínú ikùn, tí kò fi ní wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ló yẹ kó wà láàárín wọn. Dọ́kísísáíkílíìnì tún máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó ara, a kì í sì í fún aláboyún.

Tí o bá ti lo iye tó pé, tí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kọjá tí ibà kò rọlẹ̀, padà lọ. Dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kó fi òmíràn kún un, má ṣe é fúnra rẹ. Ikọ́ lè kù díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé òògùn kò ṣiṣẹ́. Àmọ́ bó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí ò ń rù, tí o sì ń làágùn lóru, ní kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Lálẹ́ òní, kí ẹnì kan nílé máa wo àyà rẹ fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí o bá sinmi, kí ó ka iye ìgbà tó gòkè. Bó bá pé 30, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ bá ń dàrú, tí ètè rẹ ń dúdú, tàbí tí o ń bì òògùn, ilé ìwòsàn lóru náà ni, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.