Ọya ṣíwájú, Ṣàngó tẹ̀lé e: ìjì òjò àkọ́rọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mò ń gbé. Tí ìjì àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá mi á ní, “Ọya ti dé, ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.” Kí ni wọ́n ń wí? Kí ló sì dé tí òjò oṣù Keje kì í jà bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Bí òjò náà ṣe ń wọ̀lú gan-an ni ìyá yín ń sọ. Ọya ló ni ẹ̀fúùfù, Ṣàngó ọkọ rẹ̀ ló ni àrá, ẹ̀fúùfù ló sì máa ń kọ́kọ́ dé.

Ní oṣù Kẹta sí Ìkẹrin, afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin láti ìhà òkun ti dé ọ̀dọ̀ wa, òun ló ń mú ká máa làágùn lóru. Ṣùgbọ́n kò tíì nípọn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ilẹ̀ Hausa ṣì wà lókè rẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń já bọ́ gba inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ á gbẹ kó tó kanlẹ̀. Omi tó bá sì ń gbẹ, á máa fa ooru mọ́ra. Ìdí nìyí tí omi inú àmù tó ń làágùn fi ń tutù. Afẹ́fẹ́ tó tutù báyìí á wúwo, á já wálẹ̀ gbì, á sì sáré ṣíwájú òjò. Ọya nìyẹn. Bó ṣe ń sáré, ó ń wọ abẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná tó bá níwájú, ó ń gbé e sókè, ìyẹn náà á di ìkùukùu tuntun. Báyìí ni ìkùukùu ṣe ń tò gbọọrọ bí ògiri, tó ń ti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, nǹkan bí 50 kìlómítà ní wákàtí kan.

Ọ̀nà Iléṣà ni mo máa ń wò. Atẹ́gùn á kọ́kọ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́, ọ̀run á ṣú dẹ̀dẹ̀ lápá ibẹ̀, lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn tútù tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí á fẹ́ lù yín. Páànù tí kò bá dì mọ́gi dáadáa, ìgbà yẹn ló ń ṣí, kì í ṣe ìgbà tí òjò dé. Òjò ńlá á rọ̀ fún bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú, kó tó di winniwinni tó lè pẹ́. Iléṣà sí ọ̀dọ̀ wa kò tó 30 kìlómítà, nítorí náà tí àbúrò mi bá pè láti ibẹ̀ pé ìjì ń jà, mo ní bí ìdajì wákàtí láti ká aṣọ. Nígbà mìíràn ìjì náà á kú sójú ọ̀nà, màá sì tún lọ sá aṣọ mi padà.

Ní oṣù Keje, afẹ́fẹ́ òkun ti nípọn dé òkè, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ lójú ọ̀nà mọ́, afẹ́fẹ́ tútù tó ń já bọ́ á sì dín kù. Tó bá di àsìkò àrọ̀kúrò, ní oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á tún máa padà bọ̀. Ẹ ó tún gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá yín nígbà náà.