Yan, wọ́sẹ̀, lọ́ tìkọ̀: ìrìn tó ń tú àṣírí ọkàn nínú ìtàn

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ìtàn ni mò ń kọ, "rìn" sì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo ni mo lè fi dípò rẹ̀ kí òǹkàwé lè mọ̀ bóyá inú ẹni tó ń rìn dùn, bóyá ó rẹ̀ ẹ́, tàbí ẹ̀rù ń bà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì lé "rìn" jáde. "Rìn", "lọ", "bọ̀" àti "wọlé" kì í sọ ohunkóhun nípa ọkàn ẹni, ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé wọn ló máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́, ẹni tó ń lọ jáujàu àti ẹni tó ń rìn ìrìn gbẹ̀fẹ́ lè jọ wà lójú ọ̀nà kan náà, kí a sì mọ̀ pé ọkàn ẹnì kìíní balẹ̀, ti ẹnì kejì kò balẹ̀ rárá, ẹnì kẹta kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn àkókò. Àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó ti gbé ìrìn àti ọkàn pọ̀ sínú ara wọn. Àwọn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa, torí wọ́n rọrùn láti ṣì lò.

Ẹ mú "yan". Yíyan nílò ẹni tó ń wò. Sójà ń yan níwájú èrò, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ aṣọ tuntun ń yan kọjá níwájú ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó dá wà lóko kì í yan, àfi tó bá ń bá ara rẹ̀ ṣeré. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹnì kan ń yan, ẹ fi ojú kan síbẹ̀ tó ń rí i. Tí ẹ bá wá sọ ọ́ di "yan fanda", ọ̀rọ̀ náà yí padà díẹ̀: ó ń lọ fàlàlà, kò sí ẹni tó lè bi í léèrè. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí inú ń bí: "Ó jẹ mí lówó, ó sì ń yan fanda kiri ìgboro." Ẹni tó ń rìn lè má tilẹ̀ ṣe fújà kankan. Ọkàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni "yan fanda" fi hàn níbẹ̀ yẹn, òǹkọ̀wé tó bá sì mọ èyí lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jẹ́ ká mọ ẹni tó ń di kùnrùngbùn.

"Wọ́sẹ̀" àti "lọ́ tìkọ̀" ni mo rí i pé wọ́n ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ jù. Méjèèjì ń mú kí ẹsẹ̀ falẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó fà á yàtọ̀. Ẹni tó ń wọ́sẹ̀, agbára ló tán lára rẹ̀. Àárẹ̀, àìsàn, ọjọ́ ogbó tàbí ìbànújẹ́ tó ti wọ̀ ọ́ lára ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń lọ́ tìkọ̀ ní agbára láti lọ, kò kàn fẹ́ dé ibẹ̀ ni. Ọmọ tí wọ́n ní kó lọ mú pàṣán wá ń lọ́ tìkọ̀. Tí wọ́n bá ní kó lọ ra súyà, ẹ ó rí i pé kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dán wọn wò lára ẹnì kan. Ká sọ pé Àkànbí jẹ́ afíngbá ní Ọ̀yọ́, ó sì gbé igbá fínfín lọ sí ọjà Akẹ̀sán. Gbólóhùn tí ẹ kọ́kọ́ kọ ni: "Àkànbí rìn lọ sí ọjà, ó sì rìn padà wálé nírọ̀lẹ́." Ní àárọ̀, agbọ̀n igbá wà lórí rẹ̀. Inú rẹ̀ ì báà dùn bí oyin, kò lè yan, torí igbá á já bọ́. Ohun tó wà lórí tàbí lọ́wọ́ èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ pinnu ìrìn rẹ̀, kí ọkàn tó dá sí i. Nítorí náà: "Àkànbí ń lọ jẹ́jẹ́, ọrùn rẹ̀ dúró gbọn-in, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ibi tó tẹ́jú." Tí ẹ bá fẹ́ ká mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ kó máa súfèé.

Ní ìrọ̀lẹ́, ká ní ó tà á tán: "Ó ki agbọ̀n òfìfo bọ abẹ́ apá, ó sì yan gba iwájú ìsọ̀ àwọn afíngbá ẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà ló yá jù fún un." Ẹ wò ó, a kò sọ pé ó ń yangàn. Ká ní kò tà: "Àkànbí wọ́sẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ ń ha ilẹ̀." Ká wá ní ó tà, ṣùgbọ́n ó ti fi owó náà ta ayò, ìyàwó rẹ̀ sì ń dúró de owó oúnjẹ: "Ó lọ́ tìkọ̀ títí dé ìdí igi ọdán, ó dúró kí bàbá kan tí kì í kí tẹ́lẹ̀, ó béèrè ara àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan." Ẹni tó bá ń lọ́ tìkọ̀ á máa wá àwáwí lójú ọ̀nà, ẹ fún un ní àwáwí yẹn. Ká ní ó wá di òru kó tó wọlé, "yọ́" ni ọ̀rọ̀ tó kàn: "Ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó yọ́ wọlé." Àmọ́ ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn náà ń yọ́ jáde. "Yọ́" ń sọ pé ẹni náà kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun, kò sọ pé olè ni, bàtà ọwọ́ tàbí ọmọ tó sùn ló máa parí ọ̀rọ̀.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tó ń fara wé ìró ẹsẹ̀, ẹ fi etí sí ohùn wọn. Gìrìgìrì, kìtìkìtì, gìdìgìdì: ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn, wọ́n sì wúwo nílẹ̀. Jẹ́jẹ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wéréwéré ń fò lókè, wọ́n fúyẹ́. Kì í ṣe òfin o, torí "pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́" ní ohùn ìsàlẹ̀ nínú, kò sì wúwo. Èrò ni gìrìgìrì sábà máa ń bá rìn, bó ṣe wà nínú òwe "Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnì kan." Tí ẹ bá lò ó fún arúgbó kan ṣoṣo tó ń lọ sẹ́yìnkùlé, etí òǹkàwé á kọ̀ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún "tìbínú-tìbínú", "tìbẹ̀rù-tìbojo" àti àwọn ará wọn. Wọn kò burú, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ọkàn ẹni ní gbangba. Tí ẹ bá ti kọ "ó yọ́ wọlé", ẹ má tún fi "tìbẹ̀rù-tìbojo" kún un. Apàlọ́ lè tò wọ́n léra torí ó ń fi ara ṣe é, àwọn ọmọ sì ń wò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń dún nílẹ̀. Lórí ìwé, ọ̀kan tó fún gbólóhùn kan. Níbi tí ìrìn náà kò bá sì já mọ́ nǹkan kan, tí Àkànbí kàn fẹ́ lọ bu omi mu, "ó lọ bu omi" ti tó.