Ìyanṣẹ́lódì, owó oṣù, àti ìwé tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n agbẹjọ́rò, ẹ kú iṣẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ kan nítòsí Iléṣà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ipele 9 ni mo wà. Wọ́n ti fi owó kún ti àwọn tó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àfikún tí wọ́n ṣèlérí fún àwa tó wà lókè kò pé. Ẹgbẹ́ wa ní ká daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ìjọba sì ti lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò ní gbowó. Ṣé wọ́n lè dá owó mi dúró ní tòótọ́? Bí mo bá sì lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Wọ́n lè dá a dúró. Òfin Àáwọ̀ Iṣẹ́, ní abala 43, sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá kópa nínú ìyanṣẹ́lódì kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ fún gbogbo àkókò tí ó fi wà nínú rẹ̀, àti pé àkókò náà kò ní sí nínú èyí tí a ó kà nígbà tí a bá ń wo bí ọdún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tẹ̀ léra. Ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò mọ̀ ni pé abala yìí kò bèèrè bóyá ẹgbẹ́ jàre tàbí ó jẹ̀bi. Ìyanṣẹ́lódì tí ó bófin mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lè gba ẹni là lọ́wọ́ ìjìyà, ṣùgbọ́n kì í dá owó ọjọ́ tí a kò ṣiṣẹ́ padà fúnra rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí abala náà ti gbe òṣìṣẹ́ ni ibi tí agbanisíṣẹ́ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́: nígbà náà, ó gbọ́dọ̀ san owó wọn bí ẹni pé wọ́n ṣiṣẹ́.

Àwa tí a ń gbé Ilé-Ifẹ̀ rí bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ọdún 2022. Àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé, wọn kò sì padà títí di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, nítorí náà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dákẹ́ fún oṣù mẹ́jọ. Ìjọba àpapọ̀ dá owó oṣù wọn dúró. Ní ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ àárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ sọ pé ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Tinubu pàṣẹ pé kí wọ́n san oṣù mẹ́rin nínú owó tí wọ́n dá dúró náà. Ẹ kíyè sí ọ̀nà tí owó náà gbà padà: ìdúnàádúrà àti àṣẹ ìjọba ló mú un padà, kì í ṣe ìdájọ́. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òun ló kan yín jù.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹgbẹ́ yín ń jà fún, nítorí pé níbẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí ó ń kọsẹ̀. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Agẹmọ ọdún 2024 fi 70,000 náírà lélẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ní tirẹ̀ sọ ọ́ di 75,000 náírà. Owó yìí jẹ́ ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Òfin náà kò sọ iye tí a ó fi kún owó ẹni tó wà ní ipele 9. Àfikún ti àwọn tó wà lókè máa ń jáde láti inú ìdúnàádúrà: àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò jókòó ní apá kan tábìlì, àwọn aṣojú ìjọba yóò jókòó ní apá kejì, wọn yóò ṣe àtẹ owó oṣù tuntun ní ipele kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ní láti bi alága ẹgbẹ́ yín ni pé: ṣé ìwé tí a fọwọ́ sí wà, ṣé àtẹ náà wà lára rẹ̀, ṣé ọjọ́ tí sísan rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sì wà níbẹ̀? Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní ọdún 2005, gba ìyanṣẹ́lódì láàyè nígbà tí àáwọ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀tọ́ tàbí nígbà tí agbanisíṣẹ́ bá tẹ àdéhùn iṣẹ́ lójú ní ọ̀nà tó burú tí ó sì kan gbogbo òṣìṣẹ́. Bí ìwé bá wà, tí ó sì sọ pé ipele 9 yóò gba iye báyìí láti oṣù báyìí, ohun tí ẹ ń bèèrè jẹ́ ẹ̀tọ́ tí a lè nawọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ ìlérí tí ẹnì kan ṣe lórí rédíò tàbí ní ìpàdé ni, agbẹjọ́rò ìjọba yóò sọ pé ohun tí ẹ ń fẹ́ ni, pé kì í ṣe ohun tí wọ́n jẹ yín, ẹjọ́ yín yóò sì rọ. Nígbà kan, àwọn ilé-ẹjọ́ wa máa ń ka irú ìwé àdéhùn báyìí sí ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lásán tí a kò lè fi agbára òfin mú ṣẹ. Òfin Àtúnṣe ọdún 2010 sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti fún ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní agbára láti túmọ̀ rẹ̀ àti láti wo bí a ṣe ń lò ó. Ìwé tí a fọwọ́ sí ti wúwo ju bí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ kan ṣe rò lọ.

Ohun kejì ni ìgbésẹ̀ tó yẹ kí ó ṣáájú ọjọ́ Ajé. Àríyànjiyàn iṣẹ́ wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, nítorí náà bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló gbà yín síṣẹ́, Mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Àbújá ni òfin darí ọ̀rọ̀ náà sí. Ká ní ẹgbẹ́ àti ìjọba jókòó ní ọjọ́ kìíní oṣù, tí ìpàdé náà sì fọ́ láìsí ìyanjú. Wọ́n ní ọjọ́ 7 láti pàdé lábẹ́ onílàjà tí apá méjèèjì fọwọ́ sí. Bí onílàjà náà kò bá rí i yanjú láàárín ọjọ́ 7, ó ku ọjọ́ 3 kí wọ́n fi ìwé tó Mínísítà létí, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí àti gbogbo ìgbésẹ̀ tí wọ́n ti gbé. Mínísítà lè yan alárinà tirẹ̀, tí òun náà ní ọjọ́ 7. Bí ìyẹn bá tún kùnà, Mínísítà ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ó bá ti gba ìròyìn láti gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tí yóò dá ẹjọ́ náà. Ẹ lè rí i pé ìkìlọ̀ ọjọ́ 7 tí àwọn ẹgbẹ́ fẹ́ràn láti fún ìjọba kò lè gba gbogbo èyí. Abala 18 Òfin Àáwọ̀ Iṣẹ́ sì ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ alárinà tàbí ìgbìmọ̀ yẹn.

Ìdìbò náà tún wà níbẹ̀. Òfin ọdún 2005 ní kí ọ̀pọ̀ jù nínú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé dìbò pé àwọn fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá ní ọmọ ẹgbẹ́ 1,200, ẹni 601 ló gbọ́dọ̀ gbà. Ìpàdé gbogbogbò tí ẹni 500 ti nawọ́ sókè, tí gbogbo wọn sì pariwo pé ó yá, kò tó, àní bí kò bá tilẹ̀ sí ẹnì kan tí ó takò ó. Ẹ bèèrè àkọsílẹ̀ ìdìbò náà. Ọmọ ẹgbẹ́ ni yín, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti rí i.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó le jù lọ tààrà. Òfin kan náà kò jẹ́ kí àwọn tó wà nínú iṣẹ́ tí ìlú kò gbọ́dọ̀ ṣe aláìní daṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìtumọ̀ tí Òfin Àáwọ̀ Iṣẹ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ó kó iṣẹ́ ìjọba mọ́ ilé ìwòsàn, omi àti iná. Bí a bá kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, àyè tó kù fún òṣìṣẹ́ ìjọba kéré gan-an. Lójú tèmi, èyí kò tọ́, nítorí pé akọ̀wé tó ń to fáìlì kò jọ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aláìsàn ní òru. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì ń daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, ìjọba a sì máa bá wọn jókòó. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yìí ni ìjọba ń gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ nígbà tí ó bá fẹ́ àṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ilé-ẹjọ́ bá ti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lójú ti kúrò nínú ìjà pẹ̀lú agbanisíṣẹ́, ó ti di ẹni tó ń bá ilé-ẹjọ́ jà.

Ní ti pé kí ẹ lọ síbi iṣẹ́, òfin sọ pé wíwà nínú ẹgbẹ́ jẹ́ ohun tí òṣìṣẹ́ fínnúfíndọ̀ ṣe. Ó tún ka á léèwọ̀ kí ẹgbẹ́ fi agbára mú ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kí ó dí ọ̀nà tàbí ẹnu géètì. Ìwọ̀nyí kò gbà yín lọ́wọ́ ìbáwí tí ìwé òfin ẹgbẹ́ yín bá là sílẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá yapa, nítorí náà ẹ kà á kí ẹ tó pinnu. Bí ẹ bá lọ, ẹ fọwọ́ sí ìwé ìwọlé lójoojúmọ́, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ bá géètì ní títì, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yín lọ́jọ́ náà gan-an pé ẹ wá, kí ẹ mú ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà mọ́.

Bí ìjọba bá yọ owó, ẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní owó oṣù yín jẹ́ 110,000 náírà, oṣù náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 22, ìyanṣẹ́lódì sì gba ọjọ́ iṣẹ́ 8. Ọjọ́ kan jẹ́ 5,000 náírà, ohun tí wọ́n lè yọ jẹ́ 40,000, ó yẹ kí 70,000 wọlé kí a tó yọ àwọn owó mìíràn tí wọ́n máa ń yọ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dá gbogbo oṣù náà dúró, wọ́n ti mú owó ọjọ́ 14 tí ẹ fi òógùn yín ṣe, àbò tí abala 43 fún ìjọba kò sì dé ibẹ̀. Ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé owó oṣù yín. Àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ní ìdajì owó ní ọdún 2015 mọ bí ìwé owó oṣù ṣe níye lórí tó nígbà tí a bá ń ka gbèsè.

Mo wá padà sí ohun tí mo ní mo máa padà sí. Níwọ̀n ìgbà tí òfin kò ní dá owó ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì padà fúnra rẹ̀, inú ìwé àdéhùn tí ẹgbẹ́ àti ìjọba bá fọwọ́ sí kí ẹ tó padà sẹ́nu iṣẹ́ nìkan ni ẹ ti lè gbà á. Kí ìwé náà sọ ní kedere pé a kò ní yọ owó ọjọ́ wọ̀nyẹn, tàbí oṣù tí a ó dá a padà. Kí ó sọ pé a kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, a kò sì ní já ọjọ́ wọ̀nyẹn kúrò nínú ọdún iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Kí ó dárúkọ iye àfikún ipele kọ̀ọ̀kan àti oṣù tí yóò bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó ní agbára láti ná owó fọwọ́ sí i, kì í ṣe ẹni tí wọ́n rán wá síbi ìpàdé lásán. Lẹ́yìn náà, kí ẹgbẹ́ fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí Mínísítà láàárín ọjọ́ 14, gẹ́gẹ́ bí Òfin Àáwọ̀ Iṣẹ́ ṣe pàṣẹ. Bí alága bá ń kéde pé a ti parí ìjà láìka ìwé yìí sí etígbọ̀ọ́ yín, ìpàdé yẹn gan-an ni kí ẹ ti dìde kí ẹ sì ní kí ó kà á.