Òrùlé ń jò, onílé fẹ́ fowó kún owó ilé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilé oníyàrá méjì ni mò ń gbé ní Agége, ₦800,000 ni mo sì ń san lọ́dún. Ó ku oṣù mẹ́ta kí owó mi tán, bàbá onílé wá ní ó ti di ₦1,200,000. Òrùlé ń jò, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga sì ti kú láti ọdún tó kọjá. Báwo ni mo ṣe máa bá wọn sọ ọ́ tí kò fi ní dìjà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì lọ bá bàbá. Ẹ kọ́kọ́ pe káfíńtà kó gun òrùlé, kó kọ iye páànù, ìṣó àti owó iṣẹ́ sórí ìwé. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe náà á kọ tiẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹ ya fọ́tò abọ́ tí ẹ gbé sábẹ́ ibi tó ń jò, àti àmì omi pupa tó wà lára sílíìnì. Ohun tí ọwọ́ yín tàbí tọmọ yín bà jẹ́, bíi gíláàsì fèrèsé, ẹ má kà á mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni onílé máa ń kọ́kọ́ gbá mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ilé mẹ́ta tó jẹ́ oníyàrá méjì ní àdúgbò yín. Iye tí ajẹ́ńtì pè yàtọ̀ sí iye tí wọ́n san, nítorí náà ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé ni kí ẹ bi. Ẹ yọ owó ajẹ́ńtì àti owó àdéhùn kúrò, torí wọn kì í ṣe owó ilé. Kí ẹ sì rí i pé ilé náà jọ tiyín: ilé tó wà létí títì ọlọ́dà kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó wà nínú ẹrẹ̀.

Oníbàárà mi kan ní Ògbà ṣe bẹ́ẹ̀. ₦700,000 ló ń san, onílé ní ₦1,000,000. Ilé mẹ́ta tó rí jẹ́ ₦850,000, ₦900,000 àti ₦950,000, omi sì ń yọ nínú gbogbo wọn. Àtúnṣe òrùlé àti ẹ̀rọ omi tirẹ̀ máa gba ₦160,000. Ohun méjì ló fi lọ bàbá: kí wọ́n tún un ṣe, kí òun san ₦850,000, tàbí kí òun tún un ṣe, kí wọ́n yọ owó rẹ̀ nínú ₦850,000 náà. Bàbá tún òrùlé àti ẹ̀rọ omi ṣe fúnra wọn, wọ́n sì gba ₦880,000.

Bí bàbá yín bá ní kí ẹ kó jáde, ẹ rọra rán wọn létí pé bí ilé bá ṣófo fún oṣù kan, ₦100,000 nínú ₦1,200,000 yẹn ti lọ nìyẹn, ẹni tuntun náà á sì rí òrùlé tó ń jò. Bí ọ̀rọ̀ bá le, abala 37 nínú òfin àyálégbé Èkó ti ọdún 2011 fàyè gba ayálégbé láti gbé àfikún tó pọ̀ jù lọ sí kóòtù. Iye tí wọ́n ń gbà lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wà lára ohun tí adájọ́ máa wò, nítorí náà ìwé tí ẹ kó jọ yẹn kò ní ṣòfò. Ṣùgbọ́n èmi kì í fi kóòtù bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má dá owó ilé dúró nítorí òrùlé, ìyẹn á sọ yín di ajẹgbèsè. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe, kí bàbá fọwọ́ sí ìwé tó sọ iye tí wọ́n máa yọ kí ẹ tó ra páànù kan, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì.